Kí Ẹ Gbà Mí Láyè Láti Wá Yẹ̀ Ẹ́ Wò

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Orúkọ mi ni Dáhùnsí. Kirikírì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí. Mo rí mọ́tò Kámúrì tí ẹ fẹ́ tà. Wọ́n ní ìyá àgbà ló ni nọ́ńbà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, mo fẹ́ rí ìwé tí mẹkáníìkì ń kọ iṣẹ́ mọ́tò náà sí, àti fọ́tò rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, inú, àti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbà mí láyè kí èmi àti mẹkáníìkì mi wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀. Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, mọ́tò tí màá fi gbé e lọ sí ọsibítù ni mò ń wá. Ẹ ṣeun, mà."

Bí mo ti kírun àlàásárì tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n ti ń pe ìrun mọ̀gáríbì kí n tó dé ibi "Ẹ ṣeun, mà." Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ṣe fún wa nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà díẹ̀díẹ̀ yìí, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Mo máa ń fi ìka tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí ìka mi dé ibi "ọsibítù", mo da fóònù dé sórí ẹsẹ̀ mi, mo sì ń wo mọ́tò náà níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọmọ mi Mùnírù ló ni mọ́tò. Òun nìkan ni Ọlọ́run fi ṣẹ́kù fún mi nínú ọmọ márùn-ún. Ilé ìkẹ́rù kan ní Creek Road ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ka ẹrù tó ń wọlé láti pọ́ọ̀tù. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀, Ummusalamah, ti kú sínú mọ́tò yẹn, kò sùn sílé mọ́. Ọdún méjì rèé. Orí páálí ló ń sùn níbi iṣẹ́. Tó bá wá kí mi, ẹnu géètì ló máa dúró sí, màá gbé abọ́ oúnjẹ jáde fún un, á jẹ ẹ́ lóòró bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí mo bá ní kó wọlé, á ní, "Màámi, ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá jáde, ọjọ́ náà ni màá wọlé."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mò ń tọrọ lórí ẹní ìkírun mi ni kí ọmọ mi wà nínú ilé lọ́jọ́ tí mo bá lọ. Torí náà, mo fẹ́ kí mọ́tò yẹn jáde. Ẹ má rò pé n kò fẹ́.

Tóbilọ́ba ló ń bá wa tà á. Alágbàtà mọ́tò ni, ẹnu rẹ̀ dùn bí ẹni fi oyin yọnu. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ní Creek Road fún oṣù kan gbáko. Wọ́n ṣí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún wáyà ṣe, wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ibi tí dírẹ́bà ń jókòó. Lọ́fíndà tí wọ́n dà sínú rẹ̀, tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ẹ ó rò pé ìyàwó ọ̀ṣìngín wà níbẹ̀. Ó wá gbé e padà wá sí àgbàlá mi.

Mo ní, "Èéṣe tí o kò tà á lọ́hùn-ún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, mọ́tò tó bá wà lójú títì, wọ́n á ní àwọn ọmọ pọ́ọ̀tù ti lò ó pa. Èyí tó bá wà lọ́dọ̀ arúgbó, wọ́n á ní mọ́ṣáláṣí nìkan ló ń gbé e lọ. Nọ́ńbà yín ni mo fi síbẹ̀. Ẹ ṣáà máa dáhùn pé 'bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.' Tí ìbéèrè ẹnìkan bá ti pọ̀ jù, ẹ má dá a lóhùn, ọ̀tá ajé ni."

Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn kò tíì sàn. Mo máa ń gbọ́ ọ tí Tóbilọ́ba bá wá tan iná sí i láràárọ̀. Á ké dáadáa, á gbóná, lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, á dákẹ́ wìì. Tóbilọ́ba á tún tan iná sí i, á wẹ̀yìn wò bóyá mo gbọ́.

Bí n kò ṣe dá Dáhùnsí lóhùn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣèyọnu." N kò mọ ohun tó dé sí mi. Ọmọ tí n kò rí rí, tó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé oore ni mo fẹ́ ṣe fún un. Mo wá ìwé mẹkáníìkì jáde lábẹ́ ibùsùn. Mùnírù kì í fi ohun mọ́tò ṣeré. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da ọ́ìlì rẹ̀ nù, tí wọ́n bá pààrọ̀ búrẹ́kì, ó máa ní kí mẹkáníìkì kọ ọjọ́ àti iye máìlì síbẹ̀ kó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ojú ewé mọ́kànlá ló kún. Lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún méjì sẹ́yìn, kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́, òfìfo ni.

Mo ní kí Oghenekevwe bá mi ya gbogbo rẹ̀. Aránṣọ ni, ó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, Urhobo ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

"Mama, ẹ sún kúrò jàre," ó ní, "òjìji yín dey inside. Ṣé ẹ̀yin náà wà for sale ni?"

"Ta ló máa ra èmi? Ẹ́ńjìnnì mi ti lọ."

"Body yín still dey fine sha."

A rẹ́rìn-ín. Ó ya iwájú, ó ya ẹ̀yìn, ó ya ẹ̀gbẹ́. Ó ya ìwé ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́, fọ́tò lọ sọ́dọ̀ Dáhùnsí.

Kò pé wákàtí kan tí Tóbilọ́ba fi pè mí. Mo ti ní kí Oghenekevwe fi ránṣẹ́ sí òun náà, n kò mọ̀ pé ohun tó burú ni.

"Ìyá àgbà! Ta ló ní kí ẹ ya ògiri mọ́ ọn?"

"Ògiri wo?"

"Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀! Ìlà omi yín!"

Ẹ wò ó, n kò rí i. Oghenekevwe náà kò rí i. Ojú wa ti mọ́ ọn jù. Bàbá Mùnírù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a dé láti Ìṣẹ́yìn, ìgbà tó ń ru ẹrù ní pọ́ọ̀tù. Kì í ṣe ọdọọdún ni omi ń wọ àgbàlá, ṣùgbọ́n ọdún tó bá wọ̀ ọ́, bí ó bá ti fà, yóò mú ìṣó, yóò fa ìlà kan sára ògiri níbi tí omi dé. Nígbà tó kú, èmi ni mo ń fà á. Ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé rárá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé tèmi nìyẹn. Mo lè fọwọ́ sórí ọ̀kan kí n sọ fún yín pé ọdún yìí la bí Mùnírù, ọdún yìí ni bàbá rẹ̀ lọ. Èyí tó ga jù lọ ni ti ọdún méjì sẹ́yìn. Nínú fọ́tò tí Oghenekevwe yà, ìlà yẹn gba ẹ̀yìn mọ́tò kọjá lọ gbọọrọ, ní déédéé ibi tí èèyàn ń fọwọ́ ṣílẹ̀kùn.

Dáhùnsí kọ ọ́ padà: "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ka ìwé náà, ẹni tó ni mọ́tò yìí tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á tí wọn kò kọ nǹkankan lẹ́yìn oṣù kẹfà? Àti pé, ẹ má bínú, kí ni àwọn ìlà tó wà lára ògiri?"

Ọmọ òkè tí omi kì í dé ni. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ níbí kò ní béèrè.

Tóbilọ́ba ti sọ ohun tí n ó wí. Mo kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, Oghenekevwe bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ: "Ẹni tó ni mọ́tò rìnrìn àjò. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ìlà." Mo ti parọ́ rí láyé mi, ta ni kò parọ́ rí? Ṣùgbọ́n irọ́ ẹnu á bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo ṣí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ ọ̀kan sí i: "Wá wò ó ní Sọ́ńdè."

*

Dáhùnsí dé ní aago mẹ́wàá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì. Mẹkáníìkì tó mú wá ń jẹ́ Preye, ará odò ni, àdúgbò Tolú níhìn-ín ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Tóbilọ́ba ti jókòó dè wọ́n láti aago mẹ́jọ.

"Ẹ kú ìjókòó mà," Dáhùnsí wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà wá láyè."

Tóbilọ́ba dáhùn kí n tó ya ẹnu. "Kò sí wàhálà, bọ̀ọ̀sì mi. Mọ́tò tó mọ́ kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò."

Preye ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa igi ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó fi iná wo abẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń fi táyà sípíà pamọ́ sí, ó fọwọ́ ra ilẹ̀ rẹ̀. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ibi ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ẹ̀rọ tí ń sọ àìsàn mọ́tò. Mo rí i pé ó wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́. Ó gbé orí sókè, ó wo ògiri. Ó wo ìlà tó ga jù, ó wo mọ́tò, ó wo èmi. Ó mọ̀. Ọmọ Tolú tí kò mọ ìlà omi, kò sí.

Nígbà náà ni Tóbilọ́ba fà á lọ sẹ́yìn táńkì omi pé kó wá wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí wọn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ọwọ́ náà sì pẹ́ kí ó tó tú. Ọwọ́ Preye lọ sápò.

Wọ́n gbé e jáde, wọ́n wà á dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, wọ́n wà á padà. Kò rìn pẹ́ tó èyí tí á fi gbóná.

"Oga," Preye wí fún Dáhùnsí, kò wo ojú rẹ̀, "the motor clean. Ẹ́ńjìnnì dey kampe."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́rùn rẹ̀ tipẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó òun ń ru, kẹ̀kẹ́ Màrúwá làwọn ì bá máa gùn lọ. Ó ní òun wo mọ́tò mẹ́sàn-án, gbogbo àwọn tó ni ín ló bú òun pé ìbéèrè òun pọ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ fèsì fún mi, mà." Ó wá sún mọ́ mi. "Màámi, kí n tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan án, kí ẹ gbàdúrà sí i fún ìyàwó mi. Ẹnu àgbà lóbì ń gbó sí."

Tóbilọ́ba pàtẹ́wọ́. "Àdúrà ìyá! Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀, Ìyá àgbà!"

Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò, oòrùn ti mú un gbóná. Mo ní, "Bísímílláhì." Mo fẹ́ sọ èyí tó kàn. Kò wá.

Ohun tí mo rí ni ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Òjò ti rọ̀ láti àsùbáà, òkun ti kún, kò sí ibi tí omi ń lọ. Ó ti dé orókún lójú pópó nígbà tí Ummusalamah bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Àwọn ọmọ Ìjọ̀, àwọn ará odò, ti gbé ọkọ̀ ojú omi wọ àdúgbò, wọ́n ń fi kó èèyàn jáde sí ọ̀nà ńlá. Ọ̀kan dúró sẹ́nu géètì wa gan-an. Ummusalamah di ògiri mú, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká bá ọlọ́kọ̀ yìí lọ." Mùnírù wà lẹ́yìn ilé, ó ń yí mọ́tò. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ṣé ẹja ni ẹ́ ni? Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ní mọ́tò, ló máa jókòó sínú igi pẹ̀lú ewúrẹ́? Kí ni wọ́n ó máa pè wá?" Mo sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó máa lọ.

A tẹ́ ẹ sí ìjókòó iwájú, Mùnírù de bẹ́líìtì mọ́ ọn lábẹ́ ikùn. Èmi wà lẹ́yìn, mo gbá orí rẹ̀ mú. A kò dé oríta tí mọ́tò fi dákẹ́ wìì. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wá. Mùnírù bọ́ sílẹ̀, ó ń ké pe ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ ti lọ. Ó fi ọwọ́ tì í, ó tì í, ó tì í. Ummusalamah àti ọmọ inú rẹ̀ lọ níbẹ̀, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn èèyàn wà nínú ilé wọn lókè.

Ọdún méjì ni Mùnírù ti ń sọ pé mọ́tò ló pa á. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ kí ó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn iwájú, mo jókòó síbi tí Ummusalamah jókòó sí.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yìn òde la ti ń gbàdúrà o," Tóbilọ́ba wí.

Mo di bẹ́líìtì mú. Èyí ni wọn kò pààrọ̀, wọ́n kàn fọ ibi tójú ń rí ni. Èmi náà ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí, ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ níbi tó ń ká sí kò ṣí. Mo fà á. Ó ń bọ̀, ó mọ́ fínnífínní. Mo fà á títí ó fi dé òpin, títí kò fi ní ibi tó tún máa bọ́ sí. Ìdajì tó kẹ́yìn rí bí ilẹ̀ odò, ó dúdú, ó le, òórùn omi náà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò," mo ní, "kó máa fa bẹ́líìtì rẹ̀ dópin."

Mo nawọ́ sí ògiri. "Kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Omi ni. Ibẹ̀ yẹn ló dé. Obìnrin kan ń rọbí níbi tí mo jókòó sí yìí, mọ́tò yìí kú mọ́ ọn lójú omi, òun náà sì kú. Mọ́tò náà ṣì máa ń kú tó bá gbóná. Èmi ni mo parọ́ fún ẹ. Má bínú."

"Arúgbó ti ń ṣe é!" Tóbilọ́ba ti ń pariwo. "Bọ̀ọ̀sì mi, ẹ má dá a lóhùn, orí rẹ̀ kò pé mọ́!"

"Bi mẹkáníìkì rẹ," mo wí fún Dáhùnsí. "Preye, ọmọ odò, o rí ìlà yẹn àbí o kò rí i?"

Preye ń wo bàtà rẹ̀. "Mama, I get pikin for house," ó ní.

"Òun náà fẹ́ bí tiẹ̀."

Dáhùnsí kò bú ẹnikẹ́ni. Ó di òpin bẹ́líìtì náà mú láàárín ìka méjì, ó wo ẹrẹ̀ tó kù sí i lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó jáde. Preye fẹ́ tẹ̀ lé e, Dáhùnsí yíjú padà, ó ní, "Máa dá rìn." Ohùn jẹ́jẹ́ náà ni.

Ohun tí Tóbilọ́ba sọ fún mi lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní kọ ọ́. Ó ní kí n jẹ mọ́tò mi.

*

Mùnírù dé lẹ́yìn ìrun àyílà ọ̀sán, Tóbilọ́ba ti pè é. Ó dúró sẹ́nu géètì bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbé abọ́ fún un, ó gbà á, kò ṣí i.

"Màámi, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ wọlé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ tún bà á jẹ́. Mọ́tò yẹn pa ìyàwó mi, ẹ tún fẹ́ kí ó máa wò mí lójú."

Ǹ bá ti dákẹ́. Mo ti mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

"Mùnírù, kì í ṣe mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi dúró níbi tí o dúró sí yìí. Ó ní ká bá wọn lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó rẹ."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ṣé ẹja ni."

Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó bo ìdérí rẹ̀ dáadáa kí eṣinṣin má wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ó dàárọ̀, Màámi," ní ọ̀sán gangan. Ó lọ.

Ní Tọ́sìdeè, ó mú àwọn tó ń fi iná gé irin wá. Òun fúnra rẹ̀ dúró sí òdìkejì títì títí wọ́n fi gé e tán. Wọ́n gé e láti àárọ̀, wọ́n kó ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n kó ilẹ̀kùn lọ, wọ́n kó ìjókòó lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó kù àyàfi àbàwọ́n ọ́ìlì lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo gbé orí sókè, kò sí ẹnikẹ́ni ní òdìkejì títì.

Dáhùnsí kọ ọ̀rọ̀ sí mi lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìka mi tẹ̀ lé e títí dé òpin: "Ẹ káàsán, mà. Ìyàwó mi ti bí obìnrin, kẹ̀kẹ́ Màrúwá la gùn lọ. Tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, ẹ gbà wá láyè kí a gbé e wá kí yín." Mo ti kọ "Ẹ máa bọ̀." N kò tíì rí ẹni tó máa bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ, Oghenekevwe lọ sí ìlú wọn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Omi wọ àgbàlá lánàá, ó sì ti fà. Mo mú ìṣó, mo fa ìlà kejìlélọ́gbọ̀n sára ògiri, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́ níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà mo bu oúnjẹ sínú abọ́, mo bò ó, mo gbé e lọ sẹ́nu géètì.